1000 mg iwájú ìgò epo ẹja kì í ṣe 1000 mg ómégà-3

Ẹ jẹ́ ká mú èsì láàbù kan: tiráígílísẹ́ráìdì 620 mg/dL. Láàbù tó bá ń lo mmol/L máa kọ 7.0. Ẹni tó ni èsì náà ti gbọ́ pé epo ẹja máa ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yìí wálẹ̀, àti pé gíráàmù 4 lóòjọ́ ni wọ́n ń lò. Ó ra ìgò tí wọ́n kọ 1000 mg gàdàgbà sí níwájú, ó ń gbé kóró 4 mì lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì tuntun jáde: 590. Epo náà lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Ìṣirò ni kò tọ̀nà.

Ìwọ̀n gbogbo epo inú kóró kan ni 1000 mg yẹn. Ohun tó ń fa tiráígílísẹ́ráìdì wálẹ̀ nínú epo náà ni oríṣi ómégà-3 méjì tí wọ́n ń pè ní EPA àti DHA. Ọ̀rá mìíràn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ẹ yí ìgò náà sẹ́yìn, kí ẹ wo àtẹ tó wà níbẹ̀. Òkè pátápátá ni wọ́n máa ń kọ iye kóró tí wọ́n fi ṣírò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà. Tó bá jẹ́ kóró 2 ni wọ́n kọ, tí EPA jẹ́ 360 mg, tí DHA jẹ́ 240 mg, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 600. Ẹ wá pín in sí méjì: 300 mg ló wà nínú kóró kan. Kóró 4 tí ẹni yẹn ń lò, 1200 mg péré ni.

Ẹ fi wé èyí tí dókítà máa ń kọ fúnni. Oríṣi kan wà tí kóró gíráàmù 1 rẹ̀ ní EPA àti DHA tó tó 840 mg. Mẹ́rin lóòjọ́ jẹ́ 3360 mg. Oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ EPA nìkan, gíráàmù 4 lóòjọ́ ni wọ́n ń lo òun náà. Kí ìgò inú àpẹẹrẹ wa tó lè bá 3360 mg dọ́gba, ó ku díẹ̀ kó tó kóró 12 lójúmọ́ kan. Ìgò oníkóró 60 kò ní pé ọjọ́ mẹ́fà tó fi tán. Ìwọ̀n ńlá yìí sì sábà máa ń dín tiráígílísẹ́ráìdì kù ní nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé 620 lè bọ́ sí nǹkan bí 430 sí 500.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó kàn fẹ́ ómégà-3 fún ìlera, 250 sí 500 mg EPA àti DHA lóòjọ́ ti tó o. Kóró kan nínú ìgò yẹn ti gbé e débẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń jẹ Títùs tàbí sàdíìnì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè fi owó ìgò ra ẹja mìíràn.

Nǹkan méjì tún máa ń da ìṣirò rú. Àwọn kan á kọ àpapọ̀ ómégà-3, wọ́n á sì ka ALA, ómégà-3 tó ń wá látara ewéko, mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n kọ ómégà 3-6-9. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. EPA àti DHA nìkan ni kí ẹ kà. Èkejì ni kọ́dílífà. Ẹ̀dọ̀ ẹja ni wọ́n ti ń fún un, fítámì A sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dà á mu ní ìlọ́po-ìlọ́po kó lè rí ómégà-3 tó, fítámì A lè pọ̀ jù lára rẹ̀, kó sì ba ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ náà jẹ́. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá.

Láti 500 mg/dL lọ sókè ni dókítà ti máa ń ronú nípa ìwọ̀n ńlá, torí bí ọ̀rá náà bá ṣe ń ga sí i ni ewu ń pọ̀ pé ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì á wú, á sì máa dunni gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ béèrè nípa ọtí, mínírà, ìtọ̀ ṣúgà tí kò rọgbọ àti àìsàn tairọ́ìdì. Bó bá jẹ́ pé ìkan nínú wọn ló ń fà á, epo ẹja nìkan kò ní lè tán an.

Ìwọ̀n ńlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá lò. Ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dà lára ẹni tó ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Èyí tó ní DHA tún lè gbé LDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní búburú, sókè, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀, torí ara kì í gbà á dáadáa lórí ikùn òfìfo. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ padà sí láàbù ní àárọ̀, lẹ́yìn wákàtí 12 tí ẹ kò jẹun. Omi lásán nìkan ni ẹ lè mu.