Ìwé Àṣẹ Kò Sọ Iṣẹ́ Ẹlòmíràn Di Tiyín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwé àṣẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Fídíò ni mò ń gé ní Mọ́kọ́lá níbí, mo sì ń bá àwọn tó fẹ́ rówó lórí YouTube tún ìkànnì wọn ṣe. Ó ti sú mi láti máa ka lẹ́tà tí oníṣẹ́ fíìmù kan fọwọ́ sí pé òun yọ̀ǹda kí wọ́n lo iṣẹ́ òun. Lẹ́tà yẹn dára fún kọpiráìtì, ṣùgbọ́n kọpiráìtì kọ́ ló ń dí ọ̀pọ̀ yín lọ́nà owó.

Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Ti kọpiráìtì ń béèrè pé ta ló ni fídíò, ṣé ó gbà kí ẹ lò ó? Èkejì, tí ẹ ó rí lójú fóònù bíi Reused content, ń béèrè ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fi kún un. Ẹni tó ni iṣẹ́ lè yọ̀ǹda, kí ẹnikẹ́ni má fẹ̀sùn kàn yín, síbẹ̀ kí YouTube má gba ìkànnì yín wọlé sínú ètò owó rẹ̀. Àkójọ orin oríṣiríṣi olórin wà lára ohun tí YouTube dárúkọ: bí gbogbo olórin náà tilẹ̀ fún yín láṣẹ, wọn ò ní gbà á.

Àbúrò kan láti Òkè-Àdó ń to ibi apanilẹ́rìn-ín inú fíìmù Yorùbá pọ̀, kò sì sọ gbólóhùn kan sí i. Àwọn tó ń tẹ̀lé e ti lé ní 1,000, wákàtí tí wọ́n fi wò ó láàárín oṣù 12 sì ti lé ní 4,000, ààlà tí YouTube ń béèrè. Ó kọ̀wé béèrè, wọ́n kọ̀ fún un. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan ti ní kó pa gbogbo àkójọ náà rẹ́, ó sì pa wọ́n rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́! Wákàtí fídíò tí ẹ bá parẹ́ tàbí tí ẹ fi pamọ́ kì í wọ inú 4,000 yẹn mọ́. Ó padà sísàlẹ̀ ààlà.

Ohun tí ǹ bá ní kó ṣe rèé. Àwọn tó ń yẹ ìkànnì wò kì í wo gbogbo fídíò. Ohun tí ìkànnì dá lé ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú àwọn fídíò tí èèyàn wò jù, àwọn tó dé kẹ́yìn, àwọn tó kó wákàtí jù, àti àkọlé wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè tún béèrè lẹ́yìn ọjọ́ 30; bí wọ́n bá tún kọ̀, ó di ọjọ́ 90. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ gbé fídíò tuntun tó ní ohùn rẹ̀ sókè títí tí wákàtí wọn yóò fi pọ̀, kó wá máa yọ àwọn àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí èèyàn ò wò púpọ̀.

Ohùn ni mo tẹnu mọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò ẹlòmíràn, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ ń mirí, tí ẹ ń fọwọ́ bo ẹnu, YouTube sọ ọ́ ní tààrà pé fídíò tí kò ní ju ìṣesí ojú lásán lọ, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò yẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ìyàwó tuntun kí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró nínú fíìmù. Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ sọ ìdí tí ojú ìyá fi yí padà, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọkọ nílé yín, kí ẹ tó jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ pa ohùn fíìmù náà, kí ẹ gbọ́ ohùn tiyín nìkan. Bí kò bá sí ohun tó ṣeé gbọ́, ẹ ò tíì ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń yí àwòrán sódì ńkọ́, tí wọ́n ń fa ohùn rẹ̀ sókè, tí wọ́n ń pè é ní àṣírí? Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kọpiráìtì ni wọ́n ń sá fún. Èèyàn tó bá jókòó wo ìkànnì yín yóò ṣì mọ̀ pé fíìmù ẹlòmíràn ni. Àwọn tó ń ta àṣírí yìí á gbowó yín, wọ́n á tún gba ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ní orúkọ pé wọ́n ń bá yín sáré kí ìkànnì yín lè wọlé. Oníbàárà mi obìnrin kan kò rí ìkànnì rẹ̀ wọlé mọ́ lẹ́yìn tó fún irú wọn. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni ẹni náà yọ kúrò, ó fi tara rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún tó fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ ló bá a lọ.

Kò sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó nílò ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ẹ ṣí YouTube Studio lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Permissions, kí ẹ fi ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Editor. Yóò lè gbé fídíò sókè, yóò lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò ní lè pa ìkànnì náà rẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti yọ ọ́ kúrò.