Ìyọ-eegun: iṣẹ́ tí à ń ṣe sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó ní Yorùbá nínú

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti rí orúkọ fún iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní "kálùkì" ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní bí èèyàn bá kó ọ̀rọ̀ èdè kan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú èdè mìíràn, kálùkì làwọn onímọ̀ èdè ń pè é, nítorí náà èmi jẹ́ ayọ-kálùkì. Mo bi í pé ta ló máa gbọ́ kálùkì ní Ẹpẹ. Ó ní wọ́n á kọ́ ọ. Wọn ò ní kọ́ ọ o. Ó jọ orúkọ oògùn ibà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Àwọn oníṣòwò máa ń gbé lẹ́tà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, pàápàá àwọn tó ń kó ẹja láti ọjà Olúwò lọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi kọ ọ́. Bí ẹ bá sì fi ojú gírámà wò ó, ẹ lè má rí ibi tí ẹ máa fa igi sí. Àmọ́ Yorùbá ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá á kà á, á sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Èmi á yọ ohun tó lè há a lọ́fun, màá sì fi ọ̀rọ̀ oníǹkan sílẹ̀ fún un. Ìyọ-eegun ni mo ń pè é, n kò sì ní pa á dà.

Àwọn tó kàwé ní yunifásítì ní "ìdíwọ́ èdè abínibí." Èyí ló máa ń bí mi nínú jù. Ìdíwọ́ kẹ̀? Ta ni èdè ìyá rẹ̀ dí lọ́wọ́? Obìnrin tó ń fi Yorùbá ná ọjà, tó fi ń ka owó, tó fi ń bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn, ìdíwọ́ wo ló wà lẹ́nu rẹ̀? Ẹlòmíràn ní "àtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì." Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, mo sì ti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì náà kò bàjẹ́. Ẹ wá àṣìṣe gírámà nínú "They have carried the fish" tí ìyá kan kọ sínú lẹ́tà tó gbé wá fún mi, títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí i. Ẹnì kan tilẹ̀ dábàá "ìtúmọ̀kítúmọ̀," bẹ́ẹ̀ ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ sódì là ń fi ìyẹn bú. Ìyá tó kọ lẹ́tà kò túmọ̀ nǹkan kan sódì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló kọ.

Ẹ wá wo ẹja. Nígbà tó wà nínú omi, eegun rẹ̀ ló gbé e dúró, kò lè lúwẹ̀ẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n tí ẹja bá ti dé inú àwo àlejò, eegun kan náà yẹn ló máa há onítọ̀hún lọ́fun. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fa eegun yọ wàrà, torí ẹran á bá a lọ. Ó máa ń tọ ipa rẹ̀ láti orí dé ìrù, á rọra gbé e jáde, ẹja á sì wà lódidi. Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ ní ṣé ohun tí à ń jù nù ni Yorùbá wá dà báyìí. Ta ló ju eegun nù? Ìyá mi máa ń fi se omi ọbẹ̀.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà. Ìyá kan tó ń ta ẹja àrọ̀ gbígbẹ ló gbé e wá ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2025. Hòtẹ́ẹ̀lì kan jẹ ẹ́ lówó, alákòóso ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ohun tó kọ rèé:

```
Well done for your work. Don't be angry that
we are disturbing you. They have carried the
fish since but the money has not entered.
Help us tell your accountant. We will bring
another one in eight days' time.
```

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí ìyá fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé alákòóso náà jókòó níwájú wọn. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tó wá ń méfò ohun tí oníǹkan ní lọ́kàn, ẹran ló ń já jù nù yẹn.

Wọ́n ní, "Wọ́n ti gbé ẹja náà tipẹ́." Ẹ wo "wọ́n" yẹn dáadáa, torí òun ni eegun tó nípọn jù nínú lẹ́tà yìí. Bí a bá ní "wọ́n ti jí ọkọ̀ mi," kò sẹ́ni tó máa bi wá pé àwọn wo. A kò mọ ẹni tó jí i, tàbí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" sì ti parí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń sọ irú èyí láìlo "they" rárá. Tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá rí "they," orí rẹ̀ á ti máa wá àwọn èèyàn kan pàtó. Alákòóso yẹn lè béèrè pé àwọn wo ló gbé ẹja, ó sì lè dáhùn pé kò sí ẹja tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹ tún rántí pé "wọ́n" lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ àgbà là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bá bi ìyá pé, "Ìyá, ta ló gbé e?" Wọ́n ní awakọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni, wọ́n sì yọ wébíìlì tí awakọ̀ fọwọ́ sí jáde: páálì 40, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. "Tipẹ́" ti di ọjọ́ kan pàtó nìyẹn. Ká ní ìyá kò mọ ẹni tó gbé e ni, "The fish has been collected" ni mo máa kọ, n kò ní dá orúkọ kankan fi sí i.

"Ẹ má bínú" àti "ẹ bá wa sọ fún" jọ ń lọ ni. Nínú Yorùbá, méjèèjì ló ń fi omi tútù sí ọ̀rọ̀ owó. Gbé wọn sínú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, èkíní á di àṣẹ, bí ẹni pé ẹ ti rí i pé ọ̀gá ń bínú, ẹ wá ní kó jáwọ́. Èkejì á di pé ẹ ń wá olùrànlọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé owó yín lẹ ń béèrè. Àwọn kan á kàn pa méjèèjì rẹ́, lẹ́tà á wá gbẹ bí ìwé ọlọ́pàá. Ìyá kò gbẹ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ní omi tútù tirẹ̀, "We would be grateful if" sì gba ìtùnú méjèèjì yẹn pọ̀. Owó tí "kò wọlé," ẹyọ gbólóhùn kan ni, kò gba àlàyé.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé la máa sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì ní ọjọ́ kẹjọ ni, torí Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bákan náà la ṣe ń ka ọjà ọrọọrún. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí ìyá kọ̀wé, ọjọ́ mẹ́jọ tiwọn bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17. "Eight days' time" ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Kò sí olùkọ́ tó máa fa igi sí i, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ẹja ti fẹ́ dé ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Bí mo bá ti rí iye ọjọ́ nínú lẹ́tà ọmọ Yorùbá kan, mo máa ń béèrè pé ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, màá wá kọ déètì.

Ohun tí mo gbé jáde rèé:

```
Your driver collected 40 cartons of smoked
catfish on 3 March, and we have not yet
received payment. We would be grateful if
your accountant could pay by Friday, 14 March.
We will deliver your next order on Monday,
17 March.
```

Ọjọ́ Ẹtì yẹn kò sí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo béèrè ni, ìyá sì ní kí ọ̀sẹ̀ tó parí. N kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ sí ẹnu ẹni tí kò dá ọjọ́.

Mo sọ èyí torí ọmọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò. Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó yá a lówó, ó sì kọ "We beg you to give us small time. We will try to pay at month end." Ọmọkùnrin náà sọ ọ́ di "We require an extension and will pay by month end." Gẹ̀ẹ́sì tó dán! Ẹ̀bẹ̀ ti di ìbéèrè ẹ̀tọ́, "a ó gbìyànjú" sì ti di ìlérí. Nígbà tí oṣù parí, lẹ́tà yẹn làwọn tó yá a lówó gbé wá. "We kindly ask for more time, and hope to pay by the end of the month" ì bá ti tó.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń yẹ ara mi wò. Tí mo bá parí, màá fi Yorùbá ka lẹ́tà tuntun náà padà fún oníǹkan láì wo tàtijọ́. Bí ó bá ní "mi ò sọ ìyẹn," ẹran ti bá eegun lọ nìyẹn. Mo ka ti ẹja yìí fún ìyá. Wọ́n mi orí sí awakọ̀, wọ́n mi orí sí déètì méjèèjì. Wọ́n wá wò mí.

"Ṣé ẹ ò kí wọn ni?"

Mo ní "Well done for your work" ni mo yọ, pé Gẹ̀ẹ́sì kì í kí èèyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló máa ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ìyá ní ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ làwọn ń béèrè, pé àwọn kò lè wọ ilé oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ àwọn bọ̀ kí àwọn sì kọ́kọ́ la ẹnu sórí owó. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi èyí sókè:

```
Thank you for your continued custom.
```

Mo kà á fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde.