Húùkù fídíò: bí iye èèyàn tó tètè jáde ṣe ń fi hàn bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Húùkù ni wọ́n ń pe sẹ́kọ́ǹdù díẹ̀ tó ṣáájú nínú fídíò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tí ẹni tó ṣe fídíò náà fi ń di èèyàn mú kó má tètè sá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ máa wo gíráàfù tó ń sọ iye èèyàn tó ṣì ń wò ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ YouTube ni, inú YouTube Studio ló wà, fídíò kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Gíráàfù yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ látòkè, á já wálẹ̀ wìì níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa rọra sọ̀kalẹ̀, bó sì ṣe máa ń rí fún fídíò tó dáa náà nìyẹn, torí náà gíráàfù fídíò kan ṣoṣo ò lè sọ nǹkan gidi kan féèyàn. Tí 58% bá ṣẹ́ kù ní 0:30, ó lè dáa, ó lè burú, àfi téèyàn bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fídíò míì tí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà ti gbé jáde.

YouTube fúnra ẹ̀ máa ń bá èèyàn ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ yẹn, ó máa ń fi fídíò tuntun wé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn tí gígùn wọn fẹ́ jọra, ó sì máa ń sọ iye tó kù ní 0:30. Ó wúlò o, àmọ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ò sọ ìdí táwọn èèyàn fi jáde, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ti pa húùkù tó dáa tì nígbà tó jẹ́ pé àkọlé fídíò ló bà á jẹ́.

Kéèyàn tó fi fídíò wé fídíò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó jọra ló kó jọ: gígùn wọn ò jìnnà síra, ohun tí wọ́n dá lé jọra, iye ọjọ́ tí wọ́n ti wà níta náà sì dọ́gba, bíi ká mú ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn. Orí sẹ́kọ́ǹdù ni kó ti fi wọ́n wéra, kì í ṣe orí ìdá fídíò. Ẹni tó bá ń fa nọ́ńbà yìí jáde látinú YouTube Analytics API, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà gba nọ́ńbà lọ́wọ́ YouTube, máa rí i pé ojú àmì 100 ni wọ́n pín fídíò kọ̀ọ̀kan sí, orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni `elapsedVideoTimeRatio`. Lórí fídíò ìṣẹ́jú 5, ojú 0.10 ni 0:30 bọ́ sí, lórí fídíò ìṣẹ́jú 10 ojú 0.05 ni, torí náà tẹ́nì kan bá kàn mú 0.10 fún méjèèjì, sẹ́kọ́ǹdù 30 ló ń fi wé odidi ìṣẹ́jú kan, fídíò tó gùn máa wá dà bí èyí tó burú láìṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ló kan kéèyàn pín ìjáde yẹn sí méjì. Àwọn tó jáde láàárín sẹ́kọ́ǹdù 5 àkọ́kọ́ ò tíì gbọ́ húùkù tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ohun tí wọ́n rí kọ́ ni àkọlé àti àwòrán ìta fídíò ṣèlérí fún wọn. Àwọn tó jáde láti 0:05 sí 0:30 ti gbọ́ ọ, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ṣe mọ́. Àwọn tí húùkù máa jẹ́jọ́ lé lórí nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń wọ̀n ọ́n ni:

```
iye tó kù ní 0:30 ÷ iye tó kù ní 0:05 × 100
```

Ẹ jẹ́ ká fi ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣàpẹẹrẹ, ká ní wọ́n ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, fídíò wọn sì máa ń tó ìṣẹ́jú 8. Mẹ́rin nínú fídíò wọn àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ bákan náà: lógò á kọ́kọ́ yí po, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kí àwọn èèyàn káàbọ̀, á sọ orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì, sẹ́kọ́ǹdù 12 á ti lọ kí kẹ̀kẹ́ tó yọjú. Ní 0:30, 54, 57, 58 àti 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ní 0:05, 75, 78, 80 àti 84 ló wà níbẹ̀. Téèyàn bá pín wọn, 72 sí 73 ni gbogbo wọn ń jẹ́, bí nọ́ńbà ìta ṣe ń fò sókè sódò tó, inú kan náà ni wọ́n ní.

Wọ́n wá yí ìbẹ̀rẹ̀ padà fún fídíò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Kò sí lógò mọ́, ọwọ́ tó kún fún gíríìsì ló kọ́kọ́ hàn, ṣéènì tó já ń jù dirodiro lọ́wọ́ ẹ̀, ohùn sì ń sọ pé ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló bà jẹ́ níbí, a máa yọ ọ́ láì ra ṣéènì tuntun. Ní 0:30, fídíò àkọ́kọ́ ní 65, ìkejì ní 64, ìkẹta wá já sí 49. Ojú tèèyàn máa kọ́kọ́ fi wò ó ni pé húùkù tuntun yìí ò dúró sójú kan, lẹ́ẹ̀mejì ó ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan ó kùnà. Àmọ́ ní 0:05, 81, 80 àti 61 ló kù. Ẹ pín in wò, nǹkan bí 80 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Húùkù fídíò kẹta ṣiṣẹ́ tó ti àwọn yòókù gan-an, àwọn èèyàn ti sá kó tó lanu ni, torí wọ́n fi sí àkọlé ẹ̀ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ra irú kẹ̀kẹ́ kan, àwọn tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ rọ́ wọlé, wọ́n bá ṣéènì tó já, wọ́n jáde. Àkọlé ni ká tún kọ, ká wá wo kìkì àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé àtúnṣe náà, ká má fọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti máa ń dojú rú ni tí òǹwòran bá kéré. Téèyàn 100 péré ló wo fídíò, 60% tó hàn lè fi bí 10 ju òótọ́ lọ tàbí kó fi bí 10 dín sí i láìsí ìdí kankan, tó bá tó 1,000, ó máa ń sún mọ́ 3. Ìdí nìyẹn tí fídíò mẹ́ta tí wọ́n jọ sọ ohun kan náà fi ṣeé gbára lé ju ẹyọ kan tó fò sókè lọ. Irú èèyàn tó wò ó náà ń dá kún un: fídíò tó jẹ́ pé àwọn sọ́bùsikíráíbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wò ó máa ń dúró dáadáa kódà tí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bá ń fà, torí wọ́n ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí náà ká yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí ká wo àwọn òǹwòran tuntun nìkan nínú gbogbo fídíò. Ọ̀nà yìí ò sì bá fídíò gígùn gan-an lọ, torí pé ojú àmì 100 lórí fídíò ìṣẹ́jú 25 jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù 15 sẹ́kọ́ǹdù 15, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 0:05 ò lè hàn níbẹ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tí 0:30 ò lè sọ. Húùkù míì máa ń di èèyàn mú nípa ìlérí tí fídíò ò mú ṣẹ, nọ́ńbà ẹ̀ á dára títí dé 0:30, gíráàfù á wá wó lulẹ̀ láàárín 1:00 sí 2:00 nígbà táwọn èèyàn bá rí i pé ohun tí wọ́n dúró dè ò sí. Ní ṣánẹ́ẹ̀lì kẹ̀kẹ́ yẹn, 1:10 ni wọ́n ti ń yọ ìsopọ̀ tó bà jẹ́, ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n tún fi fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé àwọn àtijọ́. Tí èrè ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, húùkù náà dáa; tó bá ti pòórá, á jẹ́ pé ńṣe ló kàn sún ìjáde àwọn èèyàn síwájú.