Àwíjàre aláàbọ̀ méjì nínú ẹjọ́ mọ́dà: níbi tí ọ̀nà wọn ti yà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélísì, ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi mọ́dà, ìyẹn ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìyà rẹ̀, adájọ́ kò sì lè dín in kù. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọdún 1965 tí wọ́n ti pa ìdájọ́ ikú fún mọ́dà rẹ́. Nítorí pé ìyà náà le tó bẹ́ẹ̀, òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn ṣùgbọ́n tí ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti ẹlòmíràn. Bí àwíjàre rẹ̀ bá wọlé, mọ́dà á di mansilọ́tà, ìpànìyàn tí ẹ̀bi rẹ̀ kéré sí ti mọ́dà, adájọ́ á sì wọn ìyà bó ṣe tọ́. Kò sọ ọ́ di aláìlẹ́ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àwíjàre aláàbọ̀.

Méjì tí ìdánwò òfin ìwà ọ̀daràn fẹ́ràn jù ni pípàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu, tó wà ní abala 54 àti 55 Òfin Kọ́rónà àti Ìdájọ́ ti 2009, àti àdínkù ẹ̀bi nítorí àìpé ọpọlọ, tó wà ní abala 2 Òfin Ìpànìyàn ti 1957, tí òfin 2009 náà tún kọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há ẹ̀ka méjèèjì sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á wá tò wọ́n sórí ìwé bí ẹni ka lẹ́tà. Máàkì kì í pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí máàkì wà ni kí ìtàn kan ṣoṣo gba ọ̀nà méjèèjì kọjá, kí ẹni tó ń dáhùn sì sọ èyí tó lágbára jù àti ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan. Kúnlé ti ń lu ìyàwó rẹ̀, Ṣadé, fún ọdún mẹ́jọ. Dókítà ti sọ pé Ṣadé ní àárẹ̀ ọkàn tó le, ó sì ń lo oògùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Kúnlé sọ pé: "Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá dá apá rẹ méjèèjì." Ó sùn. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ṣadé ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ wọn, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gún ọkọ rẹ̀ pa lójú oorun.

Mọ́dà ni a ó kọ́kọ́ sọ, nítorí pé kò sí àwíjàre aláàbọ̀ bí mọ́dà fúnra rẹ̀ kò bá dúró. Ṣadé fẹ́ pa á tàbí ṣe é léṣe gidigidi, ó sì pa á. Ó dúró. Gbólóhùn méjì tó, ká kọjá.

Pípàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu béèrè ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ìjánu ti bọ́ lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ lóòótọ́. Láyé àtijọ́, lábẹ́ òfin ìmúnibínú, ó ní láti jẹ́ lójijì. Òfin yẹn ló bá Kiranjit Ahluwalia jà: ọkọ rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin náà sì dáná sun ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn ní 1989. Lọ́dún 1992, kóòtù kò gba ọ̀rọ̀ ìmúnibínú rẹ̀. Ẹ̀rí tuntun nípa ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi fagi lé ẹ̀bi mọ́dà náà. Òfin 2009 yọ "lójijì" kúrò. (Ẹni tó kọ́ òfin ní Nàìjíríà kó ṣọ́ra níhìn-ín: abala 318 Kirímínà Kóòdù ṣì ń béèrè ìmúnibínú òjijì, kí inú tó rọ̀. Kó má gbé e wọ ìdáhùn ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.)

Síbẹ̀, àkókò tó kọjá ṣì wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Jewell ní 2014, olùjẹ́jọ́ ti ní wákàtí méjìlá láti ronú kó tó yìnbọn pa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kóòtù sì ní kò sí ẹ̀rí tó tó láti gbé àwíjàre náà síwájú júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń pinnu ẹ̀bi. Wákàtí mẹ́ta Ṣadé kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọmọ tó tì yóò pa á lára, nítorí ó jọ ìwà ẹni tí orí rẹ̀ pé. Bí ẹ̀rí bá sì fi hàn pé ẹ̀san ni ó ń gbà, àwíjàre náà wó lulẹ̀.

Ohun kejì ni ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù ìwà ipá tó le láti ọwọ́ ẹni tó kú, tàbí ọ̀rọ̀ àti ìṣe tó burú jáì débi pé ó tọ́ kí olùjẹ́jọ́ rí i pé wọ́n ṣẹ òun gidigidi. Ìhàlẹ̀ Kúnlé bọ́ sínú ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó jẹ́ obìnrin, tó jẹ́ ọjọ́ orí Ṣadé, tó ní ìfaradà tó wọ́pọ̀ láwùjọ, lè ṣe irú rẹ̀ bó bá wà nínú ipò rẹ̀. Ibí yìí ni àárẹ̀ ọkàn rẹ̀ kì í ti í ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe rò. Ẹjọ́ Rejmanski ní 2017 jẹ́ kó yé wa pé àìsàn ọpọlọ lè ka gẹ́gẹ́ bí apá kan ipò olùjẹ́jọ́, pàápàá bó bá jẹ́ àìsàn náà ni wọ́n fi ń ṣáátá rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi dín ìwọ̀n ìfaradà kù.

Ohun tí ọ̀nà yìí kò fẹ́ gan-an ni ọ̀nà kejì dúró lé. Fún àdínkù ẹ̀bi, kò sí ohun tó kan wa nípa ohun tí ẹlòmíràn ì bá ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí Kúnlé ti sọ ohunkóhun. Ọpọlọ Ṣadé ni ìbéèrè: ṣé ó ṣiṣẹ́ lọ́nà tí kò bójú mu nítorí àìsàn tí ìmọ̀ ìṣègùn gbà? Àárẹ̀ ọkàn rẹ̀ wọlé. Ṣé ó ṣe ìpalára ńlá fún agbára rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe, láti ronú bó ṣe yẹ, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Golds ní 2016 pé kí ìpalára náà ju ohun tí kò tó nǹkan lọ kò tíì tó. Ó ní láti wúwo. Lẹ́yìn náà, kí ìpalára yẹn jẹ́ ìdí pàtàkì tó fi pànìyàn, kó má kàn jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ nígbà náà.

Ẹrù ẹ̀rí ni ó yà wọ́n jù lọ, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò dá. Fún pípàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu, bí ẹ̀rí bá ti tó kí adájọ́ gbé e síwájú júrì, agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún àdínkù ẹ̀bi, Ṣadé ló ru ẹrù náà: kó fi hàn pé ó jọ òótọ́ ju pé kò jọ ọ́ lọ, láìsí dókítà ọpọlọ kò sì ní rìn jìnnà. Nítorí náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn láti fìdí múlẹ̀ bó bá ti dé iwájú júrì, ṣùgbọ́n adájọ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, fún Ṣadé, wákàtí mẹ́ta àti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ sọ ọ̀nà àkọ́kọ́ di èyí tó léwu. Kó gbé méjèèjì kalẹ̀, òfin kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ dókítà jẹ́ òpó ẹjọ́ rẹ̀.

Bí àdínkù ẹ̀bi bá wọlé, ìdájọ́ náà lè gba ọ̀nà mìíràn: adájọ́ lè fi Ṣadé sí ilé ìwòsàn lábẹ́ abala 37 Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 1983 dípò ẹ̀wọ̀n, bí ẹ̀rí àwọn dókítà bá gbè é. Bó bá jẹ́ mọ́dà ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀, ọ̀nà yẹn kò sí rárá.