Ìdí tí kànga jíjìn fi lè mú omi iyọ̀ wá ní Àgbádárìgì

Lórí ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbà láìjanpata nígbà tí omi kànga ẹ̀rọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú iyọ̀ lẹ́nu, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún un gbẹ́, kí ó jìn sí i. Ìmọ̀ràn náà dùn ún gbọ́, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú tó jìnnà sí òkun, kànga tó bá jìn ni omi rẹ̀ máa ń mọ́ jù, tí kì í sì í tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n létí òkun, níbi tí yanrìn bá lọ sísàlẹ̀ tí kò sí amọ̀ tó dábùú rẹ̀, owó tí a fi gbẹ́ kànga jìn sí i lè jẹ́ owó tí a fi ra iyọ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe odò tó ń ṣàn nínú ihò kan lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Òjò ni ó ń rin wọlẹ̀, tó sì ń kún àwọn àlàfo kéékèèké tó wà láàárín hóró yanrìn. Ìpele ilẹ̀ tí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn àlàfo náà sì já síra wọn débi pé omi lè gba inú wọn kọjá wọ inú kànga, ni mo ń pè ní ìpele agbomi. Yanrìn etí òkun jẹ́ ìpele agbomi tó dára gan-an. Amọ̀ ní tirẹ̀ lè fa omi púpọ̀ sára, ṣùgbọ́n kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ gbẹ́ kànga yóò kọ́kọ́ bá yanrìn gbígbẹ pàdé, lẹ́yìn náà yanrìn tó tutù, kí ó tó dé ibi tí omi fúnra rẹ̀ ti ń sun wọ inú ihò. Ibi tí omi náà dúró sí ni ojú omi abẹ́ ilẹ̀. Kì í wà lójú kan: ó máa ń gòkè nígbà òjò, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nítorí náà kànga ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ nígbà òjò, tí wọ́n sì dá dúró ní kété tí wọ́n rí omi, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣe kí ó má gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí a bá wá tan pọ́ńpù, ojú omi tó yí kànga náà ká yóò rẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kànga gan-an ni ó ti ń rẹlẹ̀ jù, bí a bá sì ṣe ń jìnnà sí i ni ìrẹ̀lẹ̀ náà ń dínkù, débi pé ojú omi yóò ní ihò tó fẹ̀ lókè tó sì ṣóńṣó nísàlẹ̀. Bí ilé mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn bá ní kànga ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn sì ń fa omi láàárọ̀, àwọn ihò náà yóò wọ inú ara wọn, ojú omi àdúgbò yóò sì rẹlẹ̀ ju èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè fà lọ. Ìyá àgbà tó ń fi okùn àti garawa fa omi nínú kànga ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i pé okùn kò tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pọ́ńpù kankan. Èyí tó tún ń dá kún un ni kọnkéré tí a ń dà sí gbogbo ojú àgbàlá: òjò tó yẹ kí ó rin wọlẹ̀ yóò gba inú gọ́tà lọ sí ọ̀sà.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, àìtó omi nìkan ni à bá máa sọ. Ṣùgbọ́n òkun kò dúró létí bèbè. Omi rẹ̀ wọ inú yanrìn kan náà lọ sábẹ́ ilẹ̀. Lítà kan omi òjò wọn tó gíráàmù 1,000, ṣùgbọ́n lítà kan omi òkun wọn tó bí 1,025, nítorí pé nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nítorí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni omi dídùn ṣe ń léfòó lórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di ẹrù sí ṣe ń léfòó lórí ọ̀sà. Apá tó hàn lókè kéré, èyí tó rì pọ̀, bí a bá sì sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ìdí rẹ̀ yóò gòkè.

Ọ̀gbẹ́ni Badon Ghyben, ọmọ ilẹ̀ Hólàǹdì, ti ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Herzberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sì tẹ tirẹ̀ jáde ní 1901. Bí `h` bá jẹ́ iye mítà tí ojú omi dídùn fi ga ju ojú òkun lọ, tí `z` sì jẹ́ iye mítà tí omi dídùn náà fi lọ sísàlẹ̀ ojú òkun kí ó tó kan omi iyọ̀, ìṣirò náà nìyí:

```
z = 1000 / (1025 - 1000) × h = 40 × h
```

Ohun tó yẹ kí ó bani lẹ́rù nínú rẹ̀ ni 40 yẹn. Bí ojú omi bá rẹlẹ̀ ní mítà kan péré, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi iyọ̀ ìsàlẹ̀ yóò gun òkè ní mítà 40.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbàlá kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Ká ní ojú omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 80 ga ju ojú òkun lọ. Omi dídùn yóò lọ sísàlẹ̀ ojú òkun ní mítà 32. Ká ní ìdí kànga ẹ̀rọ wọn wà ní mítà 15 sísàlẹ̀ ojú òkun: mítà 17 ló kù láàárín ìdí kànga àti omi iyọ̀. Bí pọ́ńpù kékeré bá mú ojú omi rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, omi iyọ̀ tó wà lábẹ́ kànga yóò gùn ní mítà 4, ewu kò sì tíì dé. Ṣùgbọ́n bí onílé bá gbé pọ́ńpù ńlá sí i láti máa ta omi fún àdúgbò, tí ojú omi sì rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, omi iyọ̀ yóò fẹ́ gùn ní mítà 12. Kò tilẹ̀ ní nílò láti gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ti rí i pé tí ó bá ti gun bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì àyè tó wà láàárín, kò ní rọra gùn mọ́. Yóò fò wọ inú kànga.

Nígbà tí onílé wá gba ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 28 sísàlẹ̀ ojú òkun, mítà 4 péré ló fi sílẹ̀ láàárín òun àti omi iyọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 5 tí ojú omi bá rẹlẹ̀ ti tó láti ba kànga tuntun náà jẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ààlà omi méjèèjì kì í ṣe ojú ìlà tó gún, wọ́n máa ń dàpọ̀ díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti pàdé, èyí tó fi hàn pé kànga tó jìn bẹ́ẹ̀ lè ti mú iyọ̀ kí wọ́n tó tan pọ́ńpù rárá. Gígùn omi iyọ̀ náà tún máa ń gba àkókò, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí sì nìyí tí ẹni tó ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́gì omi ní oṣù kejì fi lè máà mọ̀ pé òun ni òun ń fà á.

Iyọ̀ tí yóò ba omi jẹ́ kò pọ̀. Òṣùwọ̀n omi mímu ní Nàìjíríà fi mílígíráàmù 250 kílóráìdì, èyí tó jẹ́ apá kan nínú iyọ̀, ṣe òpin nínú lítà kan. Omi òkun ní nǹkan bí 19,000. Garawa méjì omi òkun nínú garawa méjìdínlọ́gọ́rùn-ún omi dídùn ti kọjá òpin náà.

Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá fífà àfajù ló fà á rọrùn, kò sì la owó púpọ̀ lọ. Kí a jẹ́ kí pọ́ńpù sinmi di àárọ̀, kí a bu omi sínú ike mímọ́ ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, kí a bu òmíràn lẹ́yìn wákàtí kan, àti òmíràn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí a kọ àkókò sára ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó dà bí bírò, tí a ń ti orí rẹ̀ bọ inú omi, tí ojú rẹ̀ sì ń fi nọ́ńbà hàn ní `µS/cm`, ìyẹn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi náà kọjá tó: bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ sí i ni nọ́ńbà náà ń ga sí i. Bí ike àkọ́kọ́ bá fi 600 hàn, tí ìkejì fi 900 hàn, tí ìkẹta sì kọjá 1,000 tí òṣùwọ̀n wa fi ṣe òpin, tí ó tún padà sí nǹkan bí 600 ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìsinmi, omi iyọ̀ ń gun òkè wá láti ìsàlẹ̀ nígbàkúùgbà tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́ ni. Bí nọ́ńbà náà bá ga láti àkọ́kọ́, tí kò sì yí padà, ó ṣeé ṣe kí ìdí kànga ti wà nínú omi iyọ̀, tàbí kí páìpù ti lu lókè, tí omi ọ̀sà tàbí ti ṣálángá sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Omi tó mọ́ nígbà tí a pọn ọ́n, tó wá pọ́n bí ìpẹtà nínú garawa, irin ló wà nínú rẹ̀. Ti òkun kọ́ nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kànga tuntun fún yín nítorí rẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, bí omi ṣe ń yára jáde ló ṣe kókó ju iye tí a fà lọ. Pọ́ńpù tó ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fi wákàtí mẹ́wàá kún táńkì tó gba lítà 36,000. Èyí tó ń fa lítà mẹ́ta yóò fi wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú kún un, ṣùgbọ́n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ojú omi rẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná ló ń mú kí àwọn ènìyàn sáré fa omi nígbà tó bá dé, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi. Síbẹ̀, pọ́ńpù kékeré, kànga méjì tí kò jìn tó jìnnà síra wọn, àti omi òjò láti orí páànù fún aṣọ fífọ̀ lè gba kànga là. Èyí tó ti di oníyọ̀ pátápátá kì í wẹ̀ mọ́ ní kíá, nítorí òjò nìkan ni yóò tún ti omi iyọ̀ náà padà sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì lè gbà.

Gbígbẹ́ jìn sí i lè tọ̀nà níbì kan ṣá o. Ìpele agbomi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkó ju ẹyọ kan lọ, amọ̀ ló sì pín wọn níyà ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí amọ̀ tó nípọn bá wà lábẹ́ omi iyọ̀, ìpele agbomi tó wà nísàlẹ̀ amọ̀ náà lè ní omi dídùn, ìṣirò 40 yẹn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́kànga gbọ́dọ̀ kọ irú ilẹ̀ tó bá pàdé ní mítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó fi hàn yín ibi tí amọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ó sì fi símẹ́ńtì dí àyè tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀ láti inú amọ̀ náà títí dé òkè, nítorí pé bí a bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lásán, òun gan-an ni omi iyọ̀ òkè yóò gbà wọ inú omi dídùn ìsàlẹ̀, kànga àwọn aládùúgbò tó gbẹ́ ẹ dé ìpele kan náà yóò sì bá a lọ.