Àpò Ìrẹsì Kan Tí Wọn Ò San

Ẹ jẹ́ ká mú oníràìsì kan ní Ọjà Mándéètì, ní Ìlọrin, ká pè é ní Àlàájà. ₦600,000 ni ojú owó rẹ̀. Àpò mẹ́wàá ló ń rà, ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tà á ní ₦63,000. Èrè ₦3,000 ló wà lórí àpò kan. Iye ọjà lè ti yí padà kí ẹ tó ka èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ò yàtọ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tà tán. Mẹ́rin péré ni wọ́n sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá olóúnjẹ kan gbé mẹ́ta láwìn, àwọn olùkọ́ méjì tó ń retí owó oṣù gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ náà gbé ọ̀kan. ₦252,000 ló wọlé, ó fi ₦240,000 ra àpò mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sanwó méjì, méjì tún lọ láwìn. Owó ọwọ́ rẹ̀ di ₦138,000, àpò méjì péré ló lè rà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì mú kọ́bọ̀ jẹun. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé rẹ̀, ó ti jèrè ₦42,000, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ₦504,000. Ohun tó ń tan ọlọ́jà jẹ nìyẹn: ọjà ń yá, ìsọ̀ ń ṣófo.

Ohun tí Àlàájà kọ́kọ́ ṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a wó. Ó lọ gba àwìn lọ́wọ́ alátàpọ̀. Ìyẹn gbà, àmọ́ ₦61,500 ló ka àpò kan sí, ó sì fẹ́ owó rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ìdajì èrè ti lọ kó tó gbé àpò kalẹ̀, ọjọ́ tí alátàpọ̀ dá kò sì ní dúró de olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́.

Àpò kan tó wà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ yẹn ńkọ́? Tí kò bá san án, ₦60,000 ojú owó ló gbé lọ. Lérè ₦3,000, Àlàájà gbọ́dọ̀ ta ogún àpò míì kí ó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìṣirò yìí ló yẹ kí èèyàn ṣe kí ó tó ní “máa gbé e lọ.”

Nígbà tó jí gìrì, kò bá gbogbo wọn jà. Ó wo bí owó ṣe ń wọlé fún oníkálukú. Ojoojúmọ́ ni olóúnjẹ ń gbowó, torí náà “ìparí oṣù” kò bá a mu. Owó náà á ti ná síbòmíì. Wọ́n ṣàdéhùn ₦5,000 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. ₦189,000 á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méje, àpò kan sì ń padà sí ìsọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn olùkọ́ ní tiwọn, ó rán wọn létí ṣáájú ọjọ́ owó oṣù. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó béèrè, owó á ti tán lọ́wọ́ wọn. Ti ẹbí, ohunkóhun tó bá mú wá ni yóò gbà, ṣùgbọ́n kò ní kà á mọ́ ojú owó títí yóò fi dé.

Lẹ́yìn náà ló ra ìwé àwìn. Ọjọ́, orúkọ, fóònù, iye ọjà, ọjọ́ ìsanwó, kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Àwọn kan máa ń bínú sí ìwé, bíi pé wọ́n pè wọ́n lólè. Ní Ìlọrin, ìdáhùn wà: Súrátùl-Bàkárà nínú Kùránì, áyà 282, ló ní kí wọ́n kọ gbèsè ọlọ́jọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń sá fún ribà, ìyẹn èlé, náà lè tà láwìn níye tó ju ti kéṣì lọ, bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe gbà á, tí iye náà bá ti fìdí múlẹ̀ lọ́jọ́ ìtàjà. Fífi owó lé e nítorí pé ó pẹ́ ni kò tọ́.

Bí ₦63,000 bá wọlé báyìí, ₦60,000 rẹ̀ ń lọ sínú àpò tó ń kó owó ọjà sí ní tààrà. Nínú ₦3,000 ni owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti oúnjẹ ilé ti ń jáde. Aládùúgbò tó bá fẹ́ yá ₦10,000, apá oúnjẹ ilé ni Àlàájà á ti wò ó, nítorí èrè àpò mẹ́ta lé díẹ̀ ló ń bèèrè yẹn.

Àpò méjì nínú mẹ́wàá ló lè wà níta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́ Sátidé, ó ń ka àpò ìrẹsì tó kù ní ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi owó ọjà tó kó pamọ́ kún un. Tí àròpọ̀ bá kéré sí ₦480,000, kò sí àwìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí kan ẹni tó ń san dáadáa.