Oògùn tó sọnù àti oògùn tí wọn ò gbowó ẹ̀: bí ọ́díìtọ̀ ṣe ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ọsibítù

Tí ọ́díìtọ̀ bá parí iṣẹ́, lẹ́tà kan máa ń wà lọ́tọ̀ sí ríípọ́ọ̀tù ìṣirò owó ọdún. Ríípọ́ọ̀tù ń sọ bóyá ìṣirò náà ṣeé gbà gbọ́, lẹ́tà máníjímẹ́ǹtì ní tiẹ̀ ń fi ibi tó ń jò han bọ́ọ̀dù. Ríípọ́ọ̀tù lè mọ́ tónítóní kí lẹ́tà ṣì gbóná o.

Ká ní ọsibítù aládàáni kan wà ní Súrùlérè, àpẹẹrẹ lásán ni, ká sì wo abẹ́rẹ́ sẹfitiráásónì nìkan. Ìgò 120 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, 400 tún wọlé, wọ́n já bíìlì 310, ó yẹ kó ku 210. Ọ́díìtọ̀ kà á lórí pẹpẹ, 163 ló bá. 47 ti di àwátì. Ibí làwọn kan ti máa ń pariwo olè, àmọ́ ẹ ní sùúrù. Káàdì tó wà lára pẹpẹ, tí wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àtohun tó jáde sí, sọ pé 335 ló jáde, pé 185 ló yẹ kó kù. Á jẹ́ pé 25 lọ sí wọ́ọ̀dù tó sì wà lákọsílẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó já bíìlì ẹ̀ ni, 22 yòókù ni ò ní ìwé kankan.

Àìsàn méjì nìyẹn, oògùn wọn ò sì papọ̀. 25 yẹn, nọ́ọ̀sì ló sáré wá gbà á lóru torí ẹni tó ń kú lọ, akáwọ́ọ̀ǹtì ti lọ sílé, pépà náà wọ dúrọ́ọ̀, ilẹ̀ mọ́, aláìsàn ti gbalé lọ. Ohun tí lẹ́tà máa sọ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí aláìsàn gbalé lọ láìfi ìwé ìtọ́jú ẹ̀ wé bíìlì. Ti 22, ẹnì kan náà ní fámásì ló ń ra oògùn, òun ló ń gbà á wọlé, òun ló ń kà á, òun náà ló tún lè yí iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà padà. Ọ́díìtọ̀ ò ní kọ ọ́ pé ó jalè o, ohun tó máa kọ ni pé tó bá jí i, kò sóhun tó máa fi hàn. Kí ẹlòmíì máa kà á láìròtẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíì sì fọwọ́ sí àyípadà. Tí fámásì bá jẹ́ ẹlẹ́nìkan, kí akáwọ́ọ̀ǹtì máa ka àwọn oògùn olówó ńlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn tí ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́: tó bá jẹ́ bíìlì lo mú tó o fi ń wá káàdì, gbogbo ẹ̀ á bára mu, torí oògùn tí wọn ò já bíìlì ẹ̀ ò lè sí nínú bíìlì. Káàdì ni kó o mú, kó o wá bíìlì lọ.

Máníjímẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ ń rí lẹ́tà yìí kó tó dé bọ́ọ̀dù, nígbà míì wọ́n á rí ìgò mélòó kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù, iye tó di àwátì á dín kù. Wọ́n á wá kọ èsì tiwọn sábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan. Èsì tó bá kàn ní "a máa ṣe é" láìsí orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí, kí bọ́ọ̀dù dá a padà.